Ọjà Tó Ń Falẹ̀ Kì Í Ṣe Ọjà Tó Ti Kú

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa níbí ló ní ìyá, àǹtí tàbí ìyàwó tó ń ta aṣọ, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí Wàsáàpù. Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Lọ́jọ́ Sátidé tí ìwé tèmi bá fún mi láyè, mo máa ń lọ bá wọn to ìwé ọjà wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù náà dé àjà, ṣùgbọ́n owó ò sí lápò. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san owó ilé: 25 oṣù Kẹta, 24 oṣù Kẹfà, 29 oṣù Kẹsàn-án àti 25 oṣù Kejìlá. Onílé kì í sì í gba léèsì dípò owó. Bí oṣù Kẹjọ ṣe wọlé, àǹtí mi ní àwọn máa dín owó gbogbo aṣọ tó ti lé lọ́dún kan lórí pẹpẹ kù sí ìdajì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó kú àti èyí tó kàn ń falẹ̀."

Wọ́n wò mí. "Aṣọ tí ò tà, ó ti kú náà nìyẹn. Kí ló tún kù?"

Ẹ wo aṣọ méjì. Àkọ́kọ́ ni léèsì funfun, yáàdì 5 ní ìdì kan. Ìdì 14 ni wọ́n rà ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, pọ́n-ùn 40 ní ìdì kan, wọ́n sì ń tà á ní 75. Ó ku 5. Ìkejì ni àńkárá aláwọ̀ ọsàn, yáàdì 6 ní ìdì kan, tí ìdílé kan fi ṣe aṣọ ẹbí. Ìdì 60 ni wọ́n rà ní pọ́n-ùn 12, wọ́n ta 41 ní 20, ó wá ku 19. Àwọn méjèèjì ti lé lọ́dún kan lórí pẹpẹ. Téèyàn bá fi ọjọ́ tí wọ́n wọlé nìkan ṣèdájọ́, bákan náà ni wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọjà wọlé kọ́ ló ń sọ òótọ́, ọjọ́ tí ẹnì kan rà á gbẹ̀yìn ni. Nígbà tí mo wo ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ti kọjá tí ẹnì kan ra léèsì funfun yẹn. Ti aláwọ̀ ọsàn, ọ̀sẹ̀ òde náà gan-an ni wọ́n rà á gbẹ̀yìn, ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ bèèrè iye rẹ̀. Ọ̀kan ń falẹ̀, èkejì ti kú. Ìbéèrè kan tún wà tó máa ń là á mọ́lẹ̀, mo sì bi wọ́n: "Tí èyí bá tán lónìí, ṣé ẹ máa padà lọ rà á?" Ti léèsì, kíá ni wọ́n dáhùn. Ti àńkárá, ẹ̀rín ni wọ́n rín.

Èyí ló fà á tí ẹ̀dínwó fi lè pa ṣọ́ọ̀bù lára. Tí wọ́n bá ta léèsì yẹn ní ìdajì, 37 ààbọ̀ ni wọ́n máa gbà lórí ohun tí wọ́n rà ní 40, wọ́n á sì tún ná 40 láti ra òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó sì máa rà á ní ìdajì ni ẹni tí ì bá san 75 nígbà tí òde tiẹ̀ bá dé. Ìpolówó ò bí òde tuntun. Ohun tí ọjà tó ń falẹ̀ fẹ́ ni ìtọ́jú: kí wọ́n gbé e kúrò níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń pa á, kí wọ́n máa tún un ká kí ojú ìṣẹ́po má baà pọ́n. Léèsì funfun tó bá di pípọ́n ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn òkú nìyẹn.

Ní ti aláwọ̀ ọsàn, wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àǹtí mi ń ka 19 lọ́nà 20, wọ́n ní, "Pọ́n-ùn 380 mi wà níbẹ̀." Kò sí níbẹ̀. Inú ìwé ló wà. Wọ́n tún ní àwọn ò lè tà á ní ohun tó kéré sí 12 tí àwọn rà á. Ṣùgbọ́n 12 yẹn ti lọ, bí wọ́n tà á bí wọn ò tà á. Ohun tó kù ni iye tí ẹnì kan máa fún wọn lónìí, àti ohun tí owó yẹn lè ṣe.

Wọ́n gbà. A kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, a lẹ 15 mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdì 2 ló tà. Ìyẹn náà kọ́ wa pé kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó tà. A sọ ọ́ di 9 fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, ìdì 7 lọ. Àwọn tó rà á ò mọ òde náà, wọn ò sì ka àwọ̀ rẹ̀ sí. Nígbà tó wá dúró, wọ́n pe télọ̀ kan tó ń rán aṣọ ọmọdé, ó kó 6 ní pọ́n-ùn 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 123. Ó ku ìdì 4. Wọ́n gé e ní yáàdì méjì méjì, gèlè 12. Ẹni tó bá ra léèsì funfun ní 75 pé, wọ́n á fi ọ̀kan ṣe èènì fún un. Inú oníbàárà dùn, iye léèsì ò sì yí padà.

Ṣùgbọ́n owó tó bá jáde lára òkú ọjà kò gbọ́dọ̀ padà sínú òkú ọjà. Nínú 123 yẹn, wọ́n fi 120 ra ìdì 10 àńkárá kan tí oníbàárà ń bèèrè lójoojúmọ́. Kó tó di 29 oṣù Kẹsàn-án, 7 ti tà ní 20. Pọ́n-ùn 140 ti wọlé, 3 ṣì wà nílẹ̀. Léèsì funfun méjì náà tà ní owó pípé.

Ìyẹn nìkan ò tó owó ilé o, kí n má parọ́. Òun àti ọjà tó kù ni wọ́n fi san án, wọn ò sì yá owó èlé lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn aṣọ kan sì wà tí ẹ̀dínwó ò lè gbà là, irú èyí tí wọ́n tẹ àwòrán olóòótọ́ tàbí orúkọ olójọ́ìbí sí. Ìyẹn, ẹ gba owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ ìdílé náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́dọ̀ ku ìdì kan sí yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí aṣọ ní Tọ̀róńtò, Hiúsítìnì àti Mansẹ́sítà, báwo lẹ ṣe ń ṣe aṣọ ẹbí tó bá ṣẹ́kù? Ẹ wí, mo fẹ́ gbọ́, màá sọ fún àǹtí mi.