Alẹ́ mẹ́rìnlá, ìdánwò mẹ́rin

Nígbà tí wọ́n lẹ àtẹ àkókò ìdánwò mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wa, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Èyí tó kéré jù nínú wa, tí a máa ń pè ní Àbúrò, ní ìdánwò mẹ́rin: Fonọ́lọ́jì, Sintáàsì, Lítíréṣọ̀ Alohùn àti Ìtàn-àròsọ. Fonọ́lọ́jì yẹn, káríófà ni. Ó ti ṣe é lọ́dún tó kọjá, kò yege. Bó bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lo ọdún kan sí i nílé ẹ̀kọ́, bàbá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé owó ọdún kan sí i kò sí.

Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá bá wa. Ó ti fi máákà aláwọ̀ òféèfèé fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ka gbogbo èyí lọ́dún tó kọjá. Kí ni mo tún fẹ́ kà?”

A ní kó pa ìwé náà dé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó tó tún ka ohunkóhun, a fún un ní ìbéèrè Fonọ́lọ́jì ọdún àtijọ́ kan, a gbé fóònù sórí tábìlì kó máa ka wákàtí méjì, a sì dákẹ́.

Bí ìdánwò ẹ̀ka wa ṣe rí nìyí: ìbéèrè kìíní pọn dandan, ó ní máàkì 30. Ẹ ó wá mú méjì mìíràn, máàkì 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 70, nítorí iṣẹ́ àárín sáà ti gba 30. Nínú 120 ìṣẹ́jú, a fi 10 sílẹ̀ fún kíka ìbéèrè àti yíyan, a fi 5 sílẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò. Ó ku 105. Ìyẹn ni pé máàkì kan gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀: ìbéèrè kìíní gba ìṣẹ́jú 45, àwọn méjì yòókù gba 30, 30. Bí ìṣẹ́jú 45 bá pé, kó fi àlàfo sílẹ̀, kó kọjá sí èyí tó kàn.

Alẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ la fi ṣe ìdánwò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, láìtíì kàwé. Àwa méjì yòókù la ń fi àkọsílẹ̀ kíláàsì máàkì rẹ̀. Lítíréṣọ̀ Alohùn jẹ́ 47, Sintáàsì 41, Ìtàn-àròsọ 33, Fonọ́lọ́jì 24. Alẹ́ mẹ́wàá ló kù. A kò pín in dọ́gba-dọ́gba: Fonọ́lọ́jì gba mẹ́rin, Ìtàn-àròsọ mẹ́ta, Sintáàsì méjì, Alohùn ẹyọ kan. A tò wọ́n kí ẹ̀kọ́ kan náà má ṣe wáyé ní alẹ́ méjì tó tẹ̀ léra, kí ohun tó kà lè ní àyè láti gbàgbé díẹ̀, kó tó tún lọ wá a padà.

Ìbéèrè alẹ́ ló ń sọ ohun tí yóò kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ìwé kékeré kan tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: “n kò mọ̀ ọ́n”, “n kò dáhùn ohun tí wọ́n bi mí” àti “àkókò tán”. Gbogbo máàkì tó bá sọnù ló gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí oògùn wọn kò jọra. Kíkàwé ló ń wo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sàn. Kò ran ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè lọ́wọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo Fonọ́lọ́jì alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpàjẹ àti àrànmọ́ fáwẹ̀lì. Ó kọ oríkì méjèèjì sílẹ̀ láìṣìnà, ó wá fi “owóolé” ṣe àpẹẹrẹ ìpàjẹ, torí pé kò rí “i” inú “ilé” mọ́. Ẹni tó fa ìlà sábẹ́ oríkì náà lẹ́ẹ̀mẹta kò mọ̀ ọ́n lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ní kó máa ka sílébù. Gé igi: gé-i-gi, mẹ́ta ni. Nígbà tó di gégi, ó ku méjì. Fáwẹ̀lì kan ti lọ, ìpàjẹ nìyẹn. Owó ilé: o-wó-i-lé, mẹ́rin. Owóolé: o-wó-o-lé, mẹ́rin náà ni. Fáwẹ̀lì kò lọ, àwọ̀ ló pààrọ̀. Ó wá fi ìwọ̀n kan náà wo iléèwé fúnra rẹ̀: “ì” di “è”, ohùn ìsàlẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ là.

Ti Ìtàn-àròsọ yàtọ̀. Wọ́n bi í léèrè asọ̀tàn inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ó fi ojú ìwé méjì sọ ìrìn àjò Àkàrà-ògùn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ ìwé náà dáadáa, àmọ́ ìbéèrè náà kò ní kó sọ ìtàn. Ohùn méjì ló yẹ kó yà sọ́tọ̀: Àkàrà-ògùn tó ń sọ, àti ẹni tó ń gbọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti alẹ́ yẹn lọ, ó gbọ́dọ̀ fa igi sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè, kó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló lọ geere. Ìbà dá a gúnlẹ̀ ní alẹ́ kẹsàn-án. Ó fẹ́ ṣe méjì ní alẹ́ kẹwàá láti fi dí i, a kọ̀. Alẹ́ tó bá lọ, ó ti lọ. Ẹni tó ṣe méjì kì í ráyè máàkì ọ̀kankan. Olùkọ́ Ìtàn-àròsọ jẹ́ tuntun, ìbéèrè ọdún méjì péré la rí, a sì fúnra wa ṣe ẹ̀kẹta. Ìgbà kan tún wà tó bẹ̀rẹ̀ sí í há ìdáhùn wa sórí. A yí ìbéèrè kan padà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú, òun fúnra rẹ̀ sì fi í sílẹ̀.

Alẹ́ kẹrìnlá ṣáájú Fonọ́lọ́jì. Kò kọ ìdáhùn kíkún, ìlapa èrò nìkan ló ṣe, ó sì sùn ní aago mẹ́wàá.

Nígbà tí èsì jáde, ó gba 57 nínú Fonọ́lọ́jì. Kò ní lo ọdún kan sí i. Alohùn, tó fún ní alẹ́ kan péré nínú mẹ́wàá yẹn, wá sílẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó ní ó dun òun. Ó dun àwa náà, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí àwọn alẹ́ rẹ̀ lọ.