Iye tí a kò kọ sílẹ̀ nígbà náà

Lọ́dún yìí, a ń wá iṣẹ́ tuntun. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa béèrè pé: àgbẹ̀ mélòó lẹ kọ́ níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Ibẹ̀ kò sì ní ìwé kankan tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

A kọ́kọ́ ṣírò báyìí: ẹgbẹ́ àgbẹ̀ 3, ìpàdé kan lóṣù fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí èèyàn 20 nípàdé kọ̀ọ̀kan, fún oṣù 24. Ó di 1,440. Iye yẹn dùn-ún wò! Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kan náà ló ń padà wá lóṣooṣù. Iye ìjókòó ni 1,440, kì í ṣe iye orí.

La bá pe àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ka orúkọ 26 nínú ìwé owó ẹgbẹ́ wọn, ìkejì ka 31. Ìkẹta kò ní ìwé, akọ̀wé wọn sì ní àwọn tó 20 sí 25. A ní kí wọ́n yọ àwọn tó ń sanwó tí wọn kì í yọjú, ìyẹn jẹ́ 3. Àwọn 2 wà nínú ẹgbẹ́ méjì, a kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó ku 72 sí 77. A wá kọ ọ́ pé: "Ó lé ní 70, a ṣírò rẹ̀ láti inú ìwé ẹgbẹ́ méjì àti ẹnu akọ̀wé kan."

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ti igi ẹ̀gẹ́. Rìsíìtì awakọ̀ fi hàn pé ìdì 300 la pín. Igi 50 ló wà nínú ìdì kan, igi onímítà kan sì ń fúnni ní ègé 4. Tí a bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, hẹ́kítà kan ń gba ègé 10,000, ìyẹn ìdì 50. Ìdì 300 yóò gba hẹ́kítà 6 tí gbogbo rẹ̀ bá wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ sọ fún wa pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta tó gbẹ kí òjò tó dé. A kọ "hẹ́kítà 4 sí 6, ìfojúbù ni."

Ibi tí wọ́n ti béèrè bí ìkórè ṣe pọ̀ sí i, a kọ pé a kò wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n lọ sóko nígbà náà, ibo la ó ti rí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún?

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ohun kan péré ni bàbá tó jókòó láàárín béèrè: "Báwo lẹ ṣe rí 70?" A ṣàlàyé fún wọn. Ká ní 1,440 la kọ ni, kí là bá wí?

Ẹ̀yin tí fọ́ọ̀mù owó yíyá ń béèrè ìkórè èṣí lọ́wọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iye àpò tí ẹ tà, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i.