Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní sáà kejì, mo kọ gbólóhùn méjì sí gúrúùpù Wasáàpù kíláàsì wa. Títí di òní, bí mo bá rántí wọn, etí mi a máa gbóná.

Èèyàn 46 ló wà nínú gúrúùpù náà. Ibẹ̀ ni a ti ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ náà ni tíṣà wa ti máa ń kéde ìdánwò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìṣirò kan dojú rú fún gbogbo wa. Ọmọbìnrin kan tí mo máa pè ní Àdùkẹ́ níbí, nítorí n kò ní í dárúkọ rẹ̀ gan-an, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìṣirò náà láti ìlà kìíní dé ìparí. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí Àdùkẹ́. Ni mo bá kọ ọ́ sábẹ́ ohùn rẹ̀ pé: "Ohùn rẹ dùn ju oyin lọ. Ṣé wàá gbà kí n máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́?"

Lójú tèmi, mo kàn ń tage díẹ̀ ni. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, gúrúùpù ti di ọjà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ìyàwó wa!" Òmíràn béèrè irú aṣọ tí a máa dá. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, àfi Àdùkẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀ láti wo àwọn tó ti kà á. Orúkọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ó ti kà á, kò sì fèsì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Asán ni. Àwọn tó ti fi ọ̀rọ̀ tiwọn fèsì sí i ti gbé gbólóhùn mi dání sókè èsì wọn, ó sì wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí kíláàsì kejì. Ohun tí n kò mọ̀ rárá ni pé fóònù ìyá Àdùkẹ́ ni Àdùkẹ́ ń lò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i ní òwúrọ̀, bí wọ́n ti fẹ́ pe oníbàárà wọn kan. Wọ́n béèrè ẹni tí mo jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó jáde kúrò nínú gúrúùpù náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ṣe ìdánwò físíìsì tí wọ́n kéde níbẹ̀. Àdùkẹ́ kò gbọ́. Ọwọ́ òfìfo ló fi wọ kíláàsì.

Ìgbà náà ni ojú mi là. Mo fẹ́ kọ ẹ̀bẹ̀ gígùn sí gúrúùpù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "O tún fẹ́ ná ọjà náà lẹ́ẹ̀kejì ni? Ohun tí o ní í sọ fún wọn kò ju kí wọ́n dákẹ́ lọ. Èyí tó kù, òun nìkan ló ni ín." Nítorí náà, ohun tí mo kọ kò ju èyí lọ: "Ohun tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò bójú mu. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́." N kò dárúkọ rẹ̀, n kò sì sọ bí ọkàn mi ti rí. Mo tọ tíṣà físíìsì lọ, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo fà á tí kò fi gbọ́ ìkéde. Wọ́n bá mi wí gan-an, wọ́n sì fún un ní ìdánwò tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ Àdùkẹ́ lójúkojú. Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí o sọ ló dùn mí. O bi mí ní ìbéèrè lójú gbogbo ayé. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ní mo ń gbéra ga. Bí mo bá dákẹ́, wọn á ní mo gbà. Kí ni kí n ṣe?"

N kò ní èsì. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ bí àwọn ará àtijọ́ ti ń fi owó ẹyọ pàrokò. Bí ọkàn ẹnì kan bá fà sí ẹlòmíràn, a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, nítorí pé ẹ̀fà ní "fà" nínú. Bí ti ẹni tó gbà á bá jọ tirẹ̀, a fi mẹ́jọ dá a lóhùn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lè ṣe bí ẹni pé owó lásán ni. "Ọmọ tó gbé e kọjá láàárín ọjà," ni wọ́n wí, "owó ẹyọ ló rí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

Èyí ló yé mi: ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tí a sọ ọ́ fún lè fi ṣeré, tàbí kó rékọjá rẹ̀, láìsí ẹni tó máa ka iye ìgbà tó dákẹ́. Kí ó má jẹ́ ìbéèrè ọkàn. Kí ó má kan ojú, ìrísí tàbí ohùn rẹ̀. Kí ó jẹ́ ohun tí mo lè sọ fún ọ̀rẹ́kùnrin mi tó jókòó tì mí, kí ó má sì yí padà.

Ní sáà kẹta, Àdùkẹ́ padà sínú gúrúùpù. Ó tún ṣàlàyé ìṣirò kan. Mo ronú pẹ́ kí n tó kọ ọ́ pé: "Ìlà kẹta yẹn ni mo máa ń fò. Ìdí rèé tí máàkì mi fi ń sá fún mi." Ó dáhùn pé: "Owó ẹ̀kọ́ ń bẹ o." Mo ní: "Gúgúrú àti ẹ̀pà nìkan ló wà lápò mi." Ó fi àwòrán ẹ̀rín kan síbẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fi ọ̀kan lé e, ṣùgbọ́n mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rín tí kò ní ọ̀rọ̀ nídìí lè jẹ́ ìdùnnú, ó sì lè jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan rọra ń tì. Bó bá fẹ́ kí eré náà tẹ̀ síwájú, òun náà á ju ọ̀rọ̀ kan padà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan kọ "gúgúrú" sábẹ́ ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ mìíràn, ó sì fi orúkọ mi sí i. Mo mọ̀ pé àrokò ti tú nìyẹn. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kó jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀, n kò sì dá àpárá gúgúrú níbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ tí a parí ìdánwò, Àdùkẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó na ọwọ́ sí mi. "Gúgúrú mi dà?" Kò sí ẹni tó gbọ́ àfi èmi. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀jọ ni tàbí eré lásán, n kò sì bi í. Mo sáré lọ rà á wá.