Ó Ní Rárá: Kí Ni Ìwọ Yóò Fèsì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi yangàn. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu ni, tàbí kí n kúkú pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ ìka, nítorí orí fóònù ni mo ti dá a. Mo ń kọ ọ́ nítorí àwọn arákùnrin wa tí kò tí ì gbéyàwó, tí wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ sí arábìnrin lórí Wásáàpù, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí èsì kò bá rí bí wọ́n ti fẹ́.

Ní ọdún 2018, ẹni ọdún 29 ni mí, mo sì wà lára àwọn ọkùnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Arábìnrin kan wà láàárín àwọn tó ń kọ ohùn òkè, ọkàn mi sì fà sí i. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan mo kọ̀wé sí i báyìí: “Sístà mi, bí pásítọ̀ bá bi mí ní ìwàásù àná, mo gbé! Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ló dí mi lójú àti etí. Ṣé ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jẹ́ ká jọ jẹun ní Sátidé, kí n lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ún?”

Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ó fèsì pé: “Ha, Bùọ̀dá mi! Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ dídùn yìí o. Ẹ̀gbọ́n gidi ni mo fi yín ṣe nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká fi í mọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á fún yín ní tiyín.”

Ẹ wo bí ọmọ náà ti ní ẹ̀kọ́ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé rárá, kò sì dárúkọ rárá lẹ́ẹ̀kan. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní ká fi í mọ bẹ́ẹ̀, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run fún mi ní tèmi, èyí tó túmọ̀ sí pé òun kọ́ ni tèmi. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò kí a tún un ṣe fún un.

Ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ gbọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi bi í pé, “Kí ni mo ṣe? Ṣé ẹlòmíràn wà ni? Àbí nítorí pé mi ò ní mọ́tò ni?” Kò dáhùn. Ní alẹ́ mo tún kọ ọ́ pé mo ti gbàdúrà kí n tó kọ̀wé sí i, àti pé Ọlọ́run kì í purọ́ fún mi. Kò dáhùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìtìjú ti di ìbínú, mo sì kọ ọ́ pé àwàdà ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣé òun gan-an rò pé òun rẹwà tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo rí ohun tí mo kọ, mo sáré pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n Wásáàpù kì í pa nǹkan rẹ́ kó má fi àpá sílẹ̀. “This message was deleted” ló wà níbẹ̀ fún un láti rí, ó sì ti ka ọ̀rọ̀ náà kí n tó pa á rẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Arábìnrin náà kò wá sí ìdánrawò orin ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a gbọ́ pé ó ti lọ sí ẹ̀ka ìjọ wa kejì, tí í ṣe wákàtí kan nínú ọkọ̀ sí ilé rẹ̀. Ẹni tó ń jọ́sìn Ọlọ́run lẹ́bàá ilé rẹ̀, èmi ni mo lé e jìnnà.

Ìyá ẹgbẹ́ akọrin wa ló pè mí. Màmá ti lé ní 70 ọdún nígbà náà. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ọmọ mi, ta ni alárinà yín?”

Mo ní, “Màmá, a kì í lo alárinà mọ́.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárinà ṣì wà nílẹ̀, ta ló ń ṣe é?” Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, alárinà ni í gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ni í gbé èsì bọ̀. Bí èsì bá jẹ́ rárá, alárinà ló máa gbọ́ ọ. Yóò tún un sọ fún ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yóò sì panu mọ́. Bí ọkùnrin àti ọmọbìnrin bá pàdé lọ́nà odò lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè kí ara wọn, nítorí kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Wọ́n ní fóònù ti lé alárinà lọ, nítorí náà ọkùnrin tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé rárá náà kúrò nílẹ̀, kí ọ̀nà lè ṣí fún ẹni méjèèjì.

Mo bi wọ́n pé ṣebí àwọn obìnrin ìgbà wọn kì í tètè gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọbìnrin a máa dákẹ́, a sì máa ní òun kò fẹ́, títí wọn yóò fi san owó ìṣíhùn. Ṣùgbọ́n alárinà ń wọlé tọ̀ ọ́, ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ rárá tó jẹ́ ìtìjú àti rárá tó jẹ́ rárá. “Ìwọ tí o jókòó sí yàrá rẹ pẹ̀lú fóònù, báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, gbà á bí ó ti sọ ọ́. Bí ó bá yí ọkàn padà, ó mọ ibi tí fóònù rẹ̀ wà.”

Màmá wá rán mi létí ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 24. Nígbà tí Ábúráhámù rán ìránṣẹ́ rẹ̀ láti lọ wá aya fún Ísáákì, kí ìránṣẹ́ náà tó gbéra ni Ábúráhámù ti sọ fún un pé bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ọrùn rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ìbúra náà. Ẹ ò rí i? A ti fi àyè sílẹ̀ fún rárá kí a tó di ẹrù ràkúnmí. Nígbà tí ó sì kù díẹ̀, wọ́n pe Rèbékà fúnra rẹ̀, wọ́n bi í léèrè bóyá yóò lọ. Èmi tí mo sọ pé Ọlọ́run ti bá mi sọ̀rọ̀, mo ti pa ẹnu ọmọlọ́mọ dé. Báwo ni yóò ṣe kọ̀ mí láìdà bí ẹni tó ń kọ Ọlọ́run?

Nígbà náà ni mo bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí n fèsì. Wọ́n ní kí n gbé fóònù, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn: “Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi lóhùn, Sístà. Mo ti gbọ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. A ó pàdé ní ìdánrawò.” Ó tán. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀, nítorí ìbéèrè ń mú kí arábìnrin tún wá èsì, ìyẹn sì ni ẹrù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò béèrè ìdí. Kò sọ bí ọkàn ti gbọgbẹ́ tó. Kò ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́. Ó dárúkọ ibi tí wọn yóò tún ti pàdé, kí ó lè mọ̀ pé ibẹ̀ kò ní le fún òun. Bí inú bá ń bí ọ, dúró di alẹ́ kí o tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọdún 2020 ni mo lo ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n èsì tí mo rí le ju rárá lọ, nítorí kò sí èsì rárá. Nọ́ọ̀sì kan ni, a jọ wà nínú ìjọ ilé kan náà ní ọjọọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo kọ̀wé sí i pé àyà mi ń lù kìkì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé nọ́ọ̀sì lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ń wo àmì méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi bóyá yóò di aláwọ̀ búlúù. Arákùnrin mi, jáwọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pa àmì búlúù náà lórí fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè ka ọ̀rọ̀ lókè fóònù láìṣí i. Àmì náà kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ló wà, ó lè jẹ́ pé kò fẹ́, ó lè jẹ́ pé kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ká ní a kò ní pàdé mọ́ ni, ǹ bá má kọ ohunkóhun, ìdákẹ́jẹ́ a sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé: “Sístà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má jẹ́ kó wúwo lọ́kàn yín, kò béèrè èsì. A ó rí ara wa ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù.” Ní ọjọ́ kejì ó kọ “Ẹ ṣeun, sà.” Ọ̀rọ̀ méjì àti “sà,” mo sì mọ̀ pé ó ti tán.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ́kọ́ kí i bí mo ti ń kí gbogbo ènìyàn, ní ojú gbogbo wọn, mo sì jókòó sí àyè mi àtijọ́. Mi ò sá fún un, mi ò sì sún mọ́ ọn. Ojú tì mí fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó lọ. Títí di òní mi ò mọ ìdí tí kò fi dáhùn. Ní ọdún 2022, nígbà tí mo gbéyàwó, ó wà lára àwọn tó wá bá wa yọ̀.

Ní ti arábìnrin àkọ́kọ́, mo fi ẹ̀bẹ̀ rán Màmá sí i. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́, pé irọ́ ni mo fi Ọlọ́run pa, àti pé mi ò retí èsì. Màmá padà wá, wọ́n ní ó ní òun ti gbọ́. Kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní ọjọ́ kan kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àyè rẹ̀ láàárín àwọn olóhùn òkè sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo ń rí i láti ibi tí mo dúró sí.

Kí Olúwa ṣọ́ ẹnu wa, kó sì ṣọ́ ìka wa pẹ̀lú. Àmín.