Ìgò Oògùn Inú Àwòrán

Ibà àwọn ọmọdé a máa fẹ́ràn òru. Ọmọ tí ó ti ń ṣeré láti àárọ̀ lè sùn pẹ̀lú ara tútù, kí ó sì jí láàárín òru pẹ̀lú ara tí ó gbóná janjan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilé abilékọ kan ní ìlú Ìsẹ́yìn ní òru ọjọ́ kan nínú ìgbà òjò. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, jí ní nǹkan bí agogo méjì, ó bú sẹ́kún, kò sì gba ọmú. Baba ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, iná mànàmáná kò sí, gbogbo ilé ìtajà oògùn ni ó sì ti ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oògùn ibà olómi kan wà lórí pẹpẹ, èyí tí ìyá ọmọ náà rà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ya ìgò náà ní àwòrán, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ara ọmọ gbóná gan-an. Ṣé kí n fún un ní mílílítà 5 gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí níjọ́sí?”

Díẹ̀ ni ó kù kí ẹ̀gbọ́n náà dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ mílílítà 5 ní oṣù méjì ṣáájú, nígbà tí irú ibà bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ náà. Orúkọ parasitámọ̀lù ni ó hàn gbangba níwájú ìgò inú àwòrán náà, àwòrán ọmọ kékeré tí ó ń rẹ́rìn-ín sì wà lábẹ́ orúkọ náà, bí ó ti wà lára ti ìṣáájú. Oorun sì wà lójú rẹ̀. Ohun tí ó dá a dúró kò ju àwọn àmì díẹ̀ tí ó wà ní etí àwòrán náà, níbi tí ara ìgò ti yí lọ sẹ́yìn: ó rí 100, ó rí m, ìyókù sì ti wọ inú òkùnkùn.

Orúkọ oògùn kì í sọ bí oògùn náà ti pọ̀ tó nínú omi tí a fi pò ó. Bí obìnrin méjì bá po ògì, tí ọ̀kan da omi púpọ̀ sí i, tí èkejì da díẹ̀, ògì ni a ó pe méjèèjì, ṣùgbọ́n ife kan nínú èyí tí ó ki yóò yó ènìyàn ju ife kan nínú èyí tí ó ṣàn lọ. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: ojú a máa rí ògì tí ó ki, ṣùgbọ́n kò sí ojú tí ó lè wo oògùn olómi kí ó mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Àwọ̀ kan náà ni, adùn kan náà ni. Ohun tí a kọ sí ara ìgò nìkan ni ó lè sọ ọ́. Mílígíráàmù, tí wọ́n ń kọ ní mg, ni ìwọ̀n oògùn náà gan-an. Mílílítà, tí wọ́n ń kọ ní ml, ni ìwọ̀n omi tí ó gbé oògùn náà. Nítorí náà bí a bá rí 120 mg/5 ml, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá wọn mílílítà 5 sínú ṣíbí, mílígíráàmù 120 oògùn ni yóò wà nínú rẹ̀. Irú ìgò yìí ni ọmọ náà mu ní oṣù méjì ṣáájú.

Kí wá ni 100 àti m yìí? Ohun méjì ni ó lè jẹ́, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Ó lè jẹ́ 100 ml, èyí tí kò sọ ju pé bí omi inú ìgò náà ti pọ̀ tó nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ 100 mg/ml. Àwọn kan máa ń po parasitámọ̀lù tí ó le bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́, kí ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọn yóò máa kán sí wọn lẹ́nu. Nínú àwòrán, ìgò kékeré àti ìgò ńlá kò ní ìyàtọ̀. Bí ènìyàn bá gbé fóònù súnmọ́ ìgò mílílítà 15, yóò kún ojú àwòrán bí ti mílílítà 100.

Ẹ̀gbọ́n náà pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí ó má tíì fún ọmọ ní ohunkóhun, kí ó fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ nu òógùn ara rẹ̀, kí ó sì ya àwòrán mìíràn níbi tí a kọ mg àti ml sí. Kò pẹ́ tí àwòrán kejì fi dé. Èyí mọ́ kedere, 120 mg/5 ml ni ó wà níbẹ̀ gàdàgbà, ọkàn ẹni tí ó ń wò ó sì fẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé etí pupa ni ó yí ìwé inú àwòrán kejì ká, bẹ́ẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ sì jẹ́ búlúù.

Ó bi í pé, “Ìgò ni o yà yìí, àbí páálí?”

Àbúrò rẹ̀ dáhùn pé, “Páálí ni, mà. Ìwé ara ìgò ń dán lójú fóònù, n kò lè rí i kà. Páálí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ ni mo yà.”

Páálí ìgò ti oṣù méjì ṣáájú ni. A ti da ìgò rẹ̀ nù, a kò da páálí nù. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí ó mọ́ jù lọ ni ó fẹ́ ṣe ìbàjẹ́ jù lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é. Ó ní kí ó fi aṣọ ọ̀rinrin nu oògùn tí ó ti ṣàn gbẹ mọ́ ara ìgò. Ó ní kí ó pa iná fóònù, nítorí iná tí ó bá kọ lu ìgò láti iwájú a máa padà sí ojú fóònù, a sì fọ́ àwọn lẹ́tà pọ̀. Kí ó gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí ó máa yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀, kí ó ya iwájú, kí ó ya apá ọ̀tún, kí ó ya apá òsì, kí ó má sì ka àwòrán sí tán títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè kà á lójú fóònù rẹ̀. Níkẹyìn, ó ní kí ó gbé páálí ìṣáná dúró tì í. Nígbà tí àwọn àwòrán náà dé, ìgò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju páálí ìṣáná lọ. Mílílítà 15 ni gbogbo omi inú rẹ̀. Ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni a kọ 100 mg/ml sí, kò sì sí 5 kankan láàárín igi náà àti ml.

Àìsí 5 yìí ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà wọn kílò 10 ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá rẹ̀ kà á láti inú káàdì àjẹsára. Ìwọ̀n parasitámọ̀lù tí ó yẹ ọmọdé lẹ́ẹ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ti ọmọ yìí jẹ́ láti 100 dé 150. Nínú ìgò ti ìṣáájú, mílílítà 5 gbé 120, ó sì bọ́ sí ààrin. Nínú ìgò tuntun yìí, mílílítà kan ṣoṣo ti gbé 100. Bí ìyá rẹ̀ bá fún un ní mílílítà 5, mílígíráàmù 500 ni ọmọ náà ìbá mu lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí 24, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí ibà kò bá lọ, yóò di 2,000, èyí tí í ṣe 200 fún kílò kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ju 60 lọ. Ẹ̀dọ̀ ni irú àṣìmu bẹ́ẹ̀ ń bàjẹ́. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé kì í fi ara hàn ní ọjọ́ kìíní; ibà a lọ, ọmọ lè bì díẹ̀, ìyá a sì rò pé oògùn náà ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àṣìṣe náà lè gba ọ̀nà kejì pẹ̀lú. Ẹni tí ìgò 100 mg/ml ti mọ́ lára lè fún ọmọ kílò 10 ní mílílítà kan nínú 120 mg/5 ml. Mílígíráàmù 24 péré ni yóò rí, ara rẹ̀ kò ní tutù, àwọn òbí yóò sì máa bú ẹni tí ó ta oògùn náà pé ayédèrú ni. Àwọn ìgò tí ará ilé ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun tún ń dá kún un: ti Gẹ̀ẹ́sì a máa jẹ́ 120 mg/5 ml fún ọmọ kékeré àti 250 mg/5 ml fún àwọn tí ó ti pé ọdún mẹ́fà, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 160 mg/5 ml. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti ní èyí tí ó le fún ọmọ ọwọ́ rí, mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 0.8. Irú àṣìṣe yìí ni ó mú kí àwọn tí ń ṣe é níbẹ̀ pinnu ní ọdún 2011 láti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n náà béèrè bóyá ọmọ ti mu oògùn ọ̀fìnkìn kankan láti ìrọ̀lẹ́, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ní parasitámọ̀lù nínú. Kò mu ún. Nígbà náà ni ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, “Mílílítà kan ṣoṣo.” Kò fi nọ́ńbà kọ ọ́, kò sì kọ 1.0, nítorí ojú tí oorun wà nínú rẹ̀ lè kà á sí 10. Ó ní kí ó má lo ṣíbí ọbẹ̀. Kí ó lo ọ̀pá kékeré olórí rọ́bà tí ó bá ìgò náà wá, kí ó fa oògùn dé ojú àmì 1, kí ó sì ya òun náà ní àwòrán kí ó tó kán an sí ọmọ lẹ́nu.

Ó dára tí ó fi ní kí ó yà á. Nínú àwòrán àkọ́kọ́ oògùn kò dé ju àmì 0.5 lọ, afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú ìyókù. Ó tún un fà. Nínú àwòrán kejì ó pé géérégé.

Ẹ̀gbọ́n wí fún un pé, “Fún un báyìí. Má tún un fún un kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Bí gìrì bá mú un, tàbí tí kò bá gba ọmú síbẹ̀, tàbí tí ó bá ń bi gbogbo ohun tí ó mu, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun.”

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ ara ọmọ náà rọ̀, ó mu ọmú, ó sì sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí parasitámọ̀lù a máa rọ ibà lójú ni, kì í wo ohun tí ó fà á. Wọ́n rí ibà ẹ̀fọn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn tirẹ̀. Ìgò kékeré náà ni ìyá náà mú lọ́wọ́ fún dókítà. Páálí elétí pupa ni ó fi dá iná àárọ̀ ọjọ́ náà.