Mo Ka Káàdì Àjàṣẹ́, Gàrí Àǹtí Mi Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹni Ẹlẹ́ni

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìròyìn ẹlòmíràn ni mo gbé wá. Tèmi gan-an ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn á tún jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Ìpókíá wa níbí. Ẹni tó bá dé Ìdìrókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìgóló, ẹni tó bá sì kọjá Ìgóló, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ló kàn. Oníbàárà tó ti ọ̀hún wá lè máa sọ Yorùbá tàbí Ègùn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ bó bá ti na káàdì pélébé sí yín, èyí tí àwa ń pè ní kọ́mpílímẹ́ńtárì, Faransé ni gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún àǹtí mi, ẹni tó ń ta gàrí. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dáadáa wá síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó tọ́ gàrí wò, ó ní òun yóò gba 30 àpò bí wọ́n bá lè kó o wá bá òun. Ó fi káàdì sílẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Àǹtí mi kò kàwé. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ akọ̀wé, bá mi wo orúkọ ẹni yìí."

Èmi náà gbà á, mo gbé ojú sókè bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Kí ló kù?

N kò ní dárúkọ ẹni tó ni káàdì náà. Ẹ jẹ́ ká fi Làgbájá, Tẹ̀mẹ̀dù àti Làmọrín dípò àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́:

LAGBAJA ET FILS SARL
TEMEDU Lamorin
Gérant
01 BP, àti nọ́ńbà kan, Porto-Novo
Tél., àti nọ́ńbà oníjọ 8

Mo wo ìlà àkọ́kọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Làgbájá lorúkọ rẹ̀." Mo wo ìlà kẹta, mo ní, "Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Gérant." Ìlà kejì ńkọ́? Mo ní ó ní láti jẹ́ orúkọ àdúgbò. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ yín ni.

A pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kò lọ. A tún pè é, kò lọ. Ni mo bá kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé pé kí wọ́n fi lé Ọ̀gbẹ́ni Làgbájá lọ́wọ́. Awakọ̀ kó 30 àpò gàrí, ó gba Ìdìrókò kọjá, ó dé Àjàṣẹ́, ó bèèrè Ọ̀gbẹ́ni Làgbájá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, "Èmi ni Làgbájá." Irọ́ kọ́ ló pa o, orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ó gba lẹ́tà, ó gba gàrí, ó san owó àpò 12, ó ní kí a padà wá gba ìyókù.

Nígbà tí àǹtí mi lọ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá níbẹ̀ ni ọkùnrin tó wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí gàrí yín." Gàrí ti wọlé, ó ti di títà, kò kan òun. Bàbá Làgbájá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó gba ẹrù kò sí nínú ìṣàkóso, kò sì láṣẹ láti ra nǹkan lórúkọ ilé iṣẹ́. Àǹtí mi tilẹ̀ ti wọlé tòun ti ẹ̀rín, ó ní òun fẹ́ kí Bàbá Làgbájá. Gbogbo ilé dákẹ́ lọ kẹ́ú.

Ọkùnrin náà ló wá jókòó tì wá lọ́jọ́ kejì tí mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ, ó sì ṣàlàyé káàdì náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó kọ́ mi nìyí, tí mo sì ti fi wo ọ̀pọ̀ káàdì mìíràn láti ìgbà náà.

Ìlà tó ní SARL ni orúkọ ilé iṣẹ́. Kì í ṣe ènìyàn, kódà bí orúkọ ènìyàn bá wà nínú rẹ̀. "ET FILS" kàn túmọ̀ sí "àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin" ni. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé iṣẹ́ lè ti kú, ó lè ti ta á. SARL ni ẹgbẹ́ oníṣòwò tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀: bó bá jẹ gbèsè, ohun tí ẹgbẹ́ ní ni a ó fi san án, a kì í sábà lè wọ inú ilé àwọn tó dá owó sí i. Bí ẹ bá rí "Ets" níwájú orúkọ dípò SARL, ìyẹn yàtọ̀. Òwò ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn máa ń jẹ́, olówò náà fúnra rẹ̀ sì ni gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà láwìn, ẹ ti rí i pé lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Orúkọ ènìyàn ni ìlà kejì. Níbi tí wọ́n ti ń kọ Faransé, orúkọ ìdílé ló sábà máa ń ṣíwájú, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sì fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ẹni gan-an á tẹ̀lé e, lẹ́tà kékeré. Ẹ rántí olórí orílẹ̀-èdè wọn tó ṣèjọba láti 1972 sí 1991, tó tún padà wọlé láti 1996 sí 2006. Bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ni KEREKOU Mathieu. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Mathieu. Nítorí náà, Tẹ̀mẹ̀dù ni orúkọ ìdílé oníbàárà wa. Àwọn mìíràn ń gbé orúkọ ìdílé sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ lẹ́tà ńlá ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Bó bá wá jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, káàdì kò lè sọ ọ́ fún yín mọ́ nìyẹn. Ẹnu ni kí ẹ fi bèèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìkọ̀wé wọn dẹ́rù bà yín. Orúkọ tiwa ló ń bẹ níbẹ̀ nígbà mìíràn, aṣọ Faransé ló wọ̀. BABATOUNDE ni Babátúndé, nítorí "ou" ni wọ́n fi ń kọ "u". ADECHINA ni Adéṣínà, nítorí "ch" ni "ṣ" wọn. ADJIBADE ni Ajíbádé, "dj" ni "j" wọn. Ẹ kà á sókè, etí yín á dá a mọ̀.

Ipò ni ìlà kẹta, èyí tí mo sọ di bàbá ọkùnrin náà. Wọ́n ń pè é ní "Jẹ́rà", imú ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Nínú SARL, òun ni òfin fún láṣẹ láti ṣojú ilé iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ìta, kó sì fọwọ́ síwèé. Ká ní mo mọ ọ̀rọ̀ kan yìí ṣoṣo, ẹni tí mo máa kọ lẹ́tà sí ì bá ti yé mi.

Nọ́ńbà ńkọ́? "01 BP" kì í ṣe tẹlifóònù, àpótí lẹ́tà ni. Tẹlifóònù gan-an kò lọ nítorí pé káàdì àtijọ́ ni. Láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà oníjọ 8 ní Bẹ̀nẹ̀, ó ti di 10. Ẹni tó bá ń pè láti ọ̀dọ̀ wa á tẹ +229, á tẹ 01, kó tó wá tẹ 8 tó wà lára káàdì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, èyí tí àwa Yorùbá kì í fi ṣeré. "M." tí ẹ bá rí níwájú orúkọ kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kankan. "Mùsíò" ni, Ọ̀gbẹ́ni wa nìyẹn. "Mme" ni Màdáàmù. "El Hadj" ni Àlááji tiwa, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "Me". Mo rò pé "èmi" ti Gẹ̀ẹ́sì ni. "Mẹ́tírì" ni wọ́n ń kà á, lọ́yà àti àwọn tó ń ṣe ìwé àdéhùn níwájú òfin ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ síwájú orúkọ Adrien Houngbédji, lọ́yà ará Àjàṣẹ́ tó ṣe olórí ìjọba láti 1996 sí 1998.

Ọkùnrin náà tún ní, bí a bá ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó wà nípò, ipò rẹ̀ ni kí a fi kí i, "Monsieur le Gérant", láìfi orúkọ kún un. Àǹtí mi mi orí, ó ní, "Ó kúkú jọ tiwa. Ta ló ń pe Báálẹ̀ lórúkọ?" Bó bá sì jẹ́ pé Faransé lẹ fẹ́ gbìyànjú lẹ́nu, "vous" ni "ẹ" wọn, "tu" ni "o". Ẹni tó bá sọ "tu" sí oníbàárà àgbà, ó sọ "ìwọ" sí i nìyẹn.

Owó wa ńkọ́? Ẹni tó láṣẹ bá wa bá àbúrò náà sọ̀rọ̀. Ó san àpò 6 kún 12, ó di 18. Owó àpò 12 tó kù ṣì wà nílẹ̀. Èmi ni mo ń san díẹ̀díẹ̀ fún àǹtí mi nínú owó oṣù mi, nítorí èmi ni mo ka káàdì.

Àǹtí mi kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá na káàdì sí i báyìí, kò ní jẹ́ kó lọ. Á na bírò sí i, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú gbogbo èyí, èwo ni ẹ̀yin? Ẹ bá mi fàlà sí i nídìí." Lẹ́yìn náà ló tó máa pè mí.