Ìkéde Màámi

Ọjọ́ tí Màámi jáde nílé tí wọn ò padà, àbúrò mi ọkùnrin ló kọ ìkéde. Ó ti pẹ́ tí iyè ti ń rá wọn. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e síta." Orúkọ Màámi látòkè délẹ̀ ló kọ, ó fi ọjọ́ ìbí wọn sí i, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan oògùn tí wọ́n ń lò.

Mo bi ara mi pé: ẹni tó bá rí ìyá àgbà kan lójú títì, kí ni yóò fi dá a mọ̀, báwo ni yóò sì ṣe rí wa? Ìyẹn ni mo fi sílẹ̀: àwòrán ojú wọn, aṣọ àdìrẹ ọrùn wọn, Mọ́kọ́lá tí wọ́n ti rí wọn kẹ́yìn ní aago 10 àárọ̀, àti déètì ọjọ́ náà. Mo yọ orúkọ bàbá wa, mo fi oríkì Màámi, Àdùkẹ́, rọ́pò rẹ̀, torí òun ni wọ́n ṣì máa ń jẹ́ bí a bá pè wọ́n. Àdírẹ́sì ò wúlò fún ẹni tó bá rí wọn, àwa la máa lọ bá a. Gbogbo wa sì ti jáde lọ wá wọn, ilé ṣófo, a ò gbọ́dọ̀ júwe rẹ̀ fún olè. Oògùn, a lè sọ ọ́ lórí fóònù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo la kọ, ti síìmù àtijọ́ kan tí kò so mọ́ báńkì kankan.

Àwòrán ló fẹ́ dà wá. Nọ́ńbà ilé wà lára géètì lẹ́yìn Màámi. Àbúrò mi fi ìka kun ọ̀dà dúdú lé e nínú fóònù, ó ní ó ti parẹ́. Mo fi kún ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà, nọ́ńbà bá yọ lábẹ́ ọ̀dà, torí irú ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ ni. A gé àwòrán náà kù sí ojú àti èjìká.

Ohun kan ṣì wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́: àpá iná tó wà ní apá òsì wọn. Ní ọ̀sán, ọkùnrin kan pè, ó ní Màámi wà lọ́dọ̀ òun, ká fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo bi í pé ibo lára wọn ni àpá wà. Ó ní orí ẹsẹ̀ ni, ó sì pa fóònù rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá alákàrà kan pè láti Sángo. "Mo pè wọ́n ní Àdùkẹ́, wọ́n dáhùn." Ó sọ ti àpá náà kí n tó béèrè.

A pa ìkéde náà rẹ́, àmọ́ èyí tí àwọn èèyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn kò ṣeé kó padà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnì kan pe síìmù yẹn láti Ìlọrin, ó ń béèrè bóyá a ti rí ìyá wa. Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yọ síìmù náà kúrò nínú fóònù.